Ohun tí Àwòrán Kò Sọ: Ìbá-Ìṣẹ̀lẹ̀ nínú Ìtàn Ọmọdé

Olùkọ́ tí ó bá fi àwòrán síwájú ọmọ, tí ó ní kí ó fi kọ ìtàn, iṣẹ́ tí ó le ni ó gbé fún un. Ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Ìṣẹ́jú kan péré ni ti àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan ka Fìdítì, ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ̀ mọ́ ọsàn. Nínú àwòrán náà, ọmọbìnrin kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì, atẹ rẹ̀ dojú dé, ewúrẹ́ kan ń jẹ ọsàn, ọkọ̀ kan sì dúró. Irú èyí ni ọmọ sábà máa ń kọ: ‘Mo rí ọmọbìnrin kan. Ewúrẹ́ ń jẹ ọsàn. Àwọn èèyàn ń wò ó.’ Kò sí àṣìṣe gírámà níbẹ̀, kò sì sí ìtàn. Bí a bá da ètò àwọn gbólóhùn náà rú, kò sí ohun tí yóò sọnù.

Ẹ fi í wé èyí:

‘Àdùkẹ́ máa ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ta ọsàn. Ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé atẹ sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń ka owó ni ọkọ̀ kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gbé atẹ, ó sáré. Ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, Àdùkẹ́ fẹsẹ̀ kọ ọ́, atẹ dojú dé. Kí ó tó dìde, ewúrẹ́ ti ń jẹ ọsàn. Àwọn èrò ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bá a ṣa èyí tí kò fọ́. Mẹ́jọ ni ó gbé délé nínú ogún. Ìyá àgbà bó ọ̀kan fún un, ó ní, “Ọkọ̀ kì í tán lójú títì.”’

Gbólóhùn kan ṣoṣo, ti ewúrẹ́ tí ó ń jẹun, ni ó bá àwòrán mu gan-an. Kí a tó débẹ̀, ‘máa ń’ ti fi ìṣe bárakú lélẹ̀, ‘ti’ sì ti gbé ìkìlọ̀ ṣáájú. (Ọmọ tí ó bá kọ ‘a máa bá ìyá rẹ̀ tà’ kò ṣe àṣìṣe, kí olùkọ́ má fa igi lé e.) ‘Bí ó ti ń… ni’ ni ó já ìgbésí ayé ojoojúmọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ìhòòhò ni àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wà: gbé, sáré, já, fẹsẹ̀ kọ. Aṣetán ni ìtumọ̀ wọn, ọ̀kan sì ń ti èkejì síwájú. Bí a bá fi ‘ń’ kún gbogbo wọn, ìtàn yóò dúró gbagidi bí àwòrán.

Ìparí ni ó sábà máa ń mẹ́hẹ. ‘Ìtàn yìí kọ́ wa pé’ ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń dí i, bí a ti ń ṣe nídìí àlọ́, olùkọ́ a sì fún wọn ní máàkì. Lójú tèmi, gbólóhùn yẹn kò parí ohunkóhun nígbà tí a kò tíì mọ ibi tí ọsàn àti ìkìlọ̀ já sí.

Ìbéèrè méjì lẹ́nu olùkọ́, kí ọmọ tó mú pẹ́ńsù, lè tún un ṣe: kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ kí ewúrẹ́ tó dé? Ta ni yóò bi ọmọbìnrin yìí léèrè ọsàn? Ìbéèrè kejì ni yóò mú ìyá àgbà wọ inú ìtàn, òun tí ayàwòrán kò yà rárá.