Fọ́tò Ṣẹ́ẹ́fù Tí Oníbàárà Ò Ní Wá Ọjà Tì Nínú Rẹ̀

Àǹtí mi kan ń ta mílíìkì, tíì, ṣúgà àti irú wọn ní Ìbàdàn. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tán, wọ́n á ya fọ́tò ṣẹ́ẹ́fù wọn, wọ́n á gbé e sórí Wọ́sáàpù. Kí wọ́n tó jókòó, ìbéèrè á ti máa wọlé: “Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ o, ṣé mílíìkì kékeré wà?” “Mà, èló ni ti inú agolo yẹn?” Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè ló wà nínú fọ́tò yẹn. Mo gba fọ́ònù lọ́wọ́ wọn kí n fi han àǹtí mi pé oníbàárà ni kò wò ó dáadáa. Èmi náà wá mílíìkì kékeré, mo wá a tì.

Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ̀ nígbà tí ṣẹ́ẹ́fù bá dàrú. Fọ́tò ló ń fi ojú àjèjì hàn án. Ẹni tó bá sì wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, ó lè sún agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè béèrè. Ẹni tó ń wo fọ́tò kò lè ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ẹni tó ń tajà ló máa ń bu ọjà fún oníbàárà látẹ̀yìn káńtà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1916, ní ìlú Mẹ́ḿfíìsì ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Klárẹ́ǹsì Sọ́ńdáàsì ṣí ilé ìtajà kan tó pè ní Pígílì Wígílì, níbi tí oníbàárà ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọjà. Bí ẹni tó ń tajà ṣe dákẹ́, ó di dandan kí iye owó hàn lára ọjà, kí ṣẹ́ẹ́fù sì máa sọ̀rọ̀. Inú fọ́tò ni ṣẹ́ẹ́fù ti ní láti sọ̀rọ̀ jù.

Ṣẹ́ẹ́fù àǹtí mi ní ìpele mẹ́rin, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 120. Bí páálí ṣe ń dé ni wọ́n ṣe ń tú u síbi tí àyè bá wà. Mílíìkì kan wà lókè lọ́wọ́ òsì, òmíràn wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, agolo gíga sì dúró níwájú ti inú ọ̀rá. A kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì pín ṣẹ́ẹ́fù náà sí ọ̀nà mẹ́rin ní òòró, láti òkè dé ìsàlẹ̀: mílíìkì, Mílò àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ewé tíì, ṣúgà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba sẹ̀ǹtímítà 30. Ìdí tí a kò fi tò ó ní ìbú ni pé ojú máa ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Tí mílíìkì bá gba ìpele kan tán pátápátá, ẹni tó ń wá ṣúgà gbọ́dọ̀ wo ìpele lẹ́yìn ìpele. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dúró ní òòró, ìwò ẹ̀ẹ̀kan ló máa fi bá gbogbo ẹ̀yà ọjà pàdé.

Lẹ́yìn èyí la wá to inú òòró kọ̀ọ̀kan. Agolo mílíìkì oníwọ̀n 400 gíráàmù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà mẹ́ta péré ló lè kọjú síta nínú 30. Orúkọ mílíìkì mẹ́ta ni àǹtí mi sì ń tà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọjú síta, àwọn tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀, èyí tó máa tètè bàjẹ́ sì wà níwájú. Ọ̀rá kéékèèké wà lókè, ọ̀rá ńlá tẹ̀ lé e, agolo 400 gíráàmù wà ní ìpele kẹta, agolo 900 gíráàmù tó wúwo wà nísàlẹ̀. Àwọn orúkọ mẹ́ta náà kò pààrọ̀ ipò ní ìpele kankan: èyí tó wà lápá òsì lókè ló wà lápá òsì nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú ìwọ̀n kan á wò ó ní ìbú. Ẹni tó ti yan orúkọ, tó ń ro ìwọ̀n, á wò ó ní òòró.

Ọ̀rá kì í dúró, ó máa ń ṣubú, orúkọ ara rẹ̀ á sì pamọ́. A gé páálí láàbọ̀, a to ọ̀rá sínú rẹ̀ bí ìwé. Méjì nínú mílíìkì náà jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jọ nínú fọ́tò. A fi èyí tó pupa sáàárín wọn.

Iye owó ló ṣòro jù. Àǹtí mi fi bírò kọ ọ́, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ojú fọ́ònù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, nítorí náà, ṣẹ́ẹ́fù tó fẹ̀ tó 120 máa kéré sí i ní ìlọ́po 17. Nọ́ńbà yẹn kò ní tó mílímítà kan, kò sí ojú tó lè kà á. Tí ó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 4, yóò di bíi mílímítà méjì àbọ̀, ó ṣeé kà. Ṣùgbọ́n etí ṣẹ́ẹ́fù kò gba 4. A wá ya fọ́tò ṣẹ́ẹ́fù ní ìdajì-ìdajì, sẹ̀ǹtímítà 60 lẹ́ẹ̀kan. Báyìí, nọ́ńbà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ tí a fi máákà kọ ti tó.

A tún kọ iye tí 100 gíráàmù jẹ́ sábẹ́ iye owó gan-an. Kí á ní agolo 400 gíráàmù jẹ́ náírà 6,000, ti 900 jẹ́ 12,600, ọ̀rá 350 sì jẹ́ 4,550. Iye 100 gíráàmù nínú wọn jẹ́ náírà 1,500, 1,400 àti 1,300. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé agolo ńlá ló máa ń dín owó jù, àmọ́ níhìn-ín, ọ̀rá ni. Nígbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ní ti yíyà, ẹ̀yìn ni kí ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀kùn wà sí ẹni tó ń yà á. Kí ó gbé fọ́ònù sí déédéé àárín ṣẹ́ẹ́fù, kí ó má tẹ̀ ẹ́. Tó bá gbé e sókè jù, ìpele ìsàlẹ̀ á fara pamọ́. Kí ó pa iná fọ́ònù, torí ó máa ń dán lára ọ̀rá. Kí ó tó gbé fọ́tò náà síta, kí ó fi han ọmọ kan tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù náà, kí ó ní kó bá òun wá ṣúgà, kí ó máa kà. Tí ó bá kà ju márùn-ún lọ, ṣúgà kò hàn.

Ọjà tó bá tán, kí àyè rẹ̀ ṣófo. Nígbà kan, ọmọ tó ń bá àǹtí mi tajà ti mílíìkì kan sí àyè òmíràn, iye owó òmíràn yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìjà díẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítorí náírà 300.

Báyìí, bí oníbàárà ṣe ń kọ̀wé ti yí padà. Ẹnì kan kọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé pé: “Àǹtí, ìpele kejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì láti apá òsì, méjì.” Àǹtí mi dì í, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni ẹni náà pè pé iye owó yàtọ̀: fọ́tò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ń wò. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ òní sórí páálí kan, wọ́n á fi í sí òkè ṣẹ́ẹ́fù kí wọ́n tó ya fọ́tò.