Owó Ilé, Owó Ẹja: Lẹ́tà Láti Makoko

Àńtí mi ọ̀wọ́n,

Mo ṣèlérí pé màá kọ̀wé sí yín bí mo bá parí iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n ní ká lọ ṣe ní Makoko, torí pé ìbéèrè yín ni mo gbé lọ síbẹ̀. Ẹ ní ó máa ń yà yín lẹ́nu níbi iṣẹ́ yín, níbi tí ẹ ti ń yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ní Abẹ́òkúta, pé ẹni tó ń tajà láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú kì í ní owó gidi kan nípamọ́. Ẹ bi mí pé ṣé wọn kò mọ owó tọ́jú ni. Èrò tèmi náà kò yàtọ̀ sí tiyín nígbà yẹn. Ní báyìí, mo ti rí ọ̀nà tí owó náà ń gbà lọ, mo sì fẹ́ là á yé yín bí mo ṣe rí i.

Ohun tí a kọ́ nínú kíláàsì ni pé òṣì ní ìlà. Nínú ìwádìí tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ìṣirò, NBS, ṣe ní 2019, ẹni tí iye tó ń ná lọ́dún kò bá tó 137,430 náírà ni wọ́n kà sí òtòṣì. Ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ló bọ́ sábẹ́ ìlà yẹn ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìdá 4.5 péré ni. Nígbà tí mo ka èyí, mo ní òṣì ò fi bẹ́ẹ̀ sí l'Ékòó mọ́. Bẹ́ẹ̀ Makoko kò jìnnà rárá sí ọgbà Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka, etí ọ̀sà kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Ẹ̀yin náà ti rí àwòrán àwọn ilé orí omi níbẹ̀, tí àwọn apẹja Ègùn kọ́ sórí òpó igi. Ṣùgbọ́n Makoko tún ní apá ti orí ilẹ̀, níbi tí àwọn ayálégbé ń gbé inú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní yàrá kan. Apá ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ ló ń yan ẹja tà, ọjà ẹja Aṣejẹrẹ wà nítòsí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ibùdó pákó Òkò Bàbá ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, níbi tí wọ́n ti ń rí àjákù pákó tí wọ́n fi ń dáná.

Ọ̀nà tí olùkọ́ wa ní ká gbà ṣe é rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. A kò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni pé, “Èló ló ń wọlé fún yín lóṣù?” torí pé ìdáhùn rẹ̀ kì í pé. Ńṣe la máa padà lọ bá ìdílé kan náà léraléra, ká kọ gbogbo owó tó wọlé àti gbogbo owó tó jáde láti ìgbà tí a ti rí wọn kẹ́yìn sínú ìwé. Lẹ́yìn náà la ó wá gbé méjèèjì lé ìwọ̀n. Bí owó tó jáde bá ju èyí tó wọlé lọ, a jẹ́ pé ẹ̀yáwó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ, tàbí ẹnì kan fún wọn lówó. Ibi tí ìṣirò kò ti dọ́gba yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan. Màá pè é ní Ìyá Ìbejì, torí àdéhùn wa ni pé a ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ń ru pákó l'Ókò Bàbá, ìjọ́ tí iṣẹ́ bá wà ló máa ń mú owó oúnjẹ wálé. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ń yan ẹja. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún, ó ń gba páálí ẹja yìnyín méjì. Ó máa ń jẹ́ kí yìnyín ara ẹja náà yọ́, á fọ̀ ọ́, á tò ó sórí wáyà lórí àgbá tí wọ́n gé láàárín, á sì máa yí i lórí èéfín títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹja á jó. Bí òjò bá sì pa igi, ẹja kò ní gbẹ dénú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hu kó tó tà tán.

Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, owó rẹ̀ kò dọ́gba rárá. Mo bi í bóyá ó jẹ gbèsè, ó ní kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a jókòó tọpasẹ̀ páálí ẹja kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ọ̀rọ̀ tó hàn. Ẹni tó bá san owó lójú ẹsẹ̀ ń ra páálí náà ní 60,000 náírà. Ìyá Ìbejì ń gbà á láwìn ní 64,000, yóò sì san án lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, nígbà tó bá tà á tán. Kò kà á sí gbèsè, torí bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe é láti ọdún yìí wá.

Ó máa ń rí 74,000 náírà lórí ẹja páálí kan tó ti yan. Igi àti owó ọkọ̀ á gba 4,000. Tí ó bá san 64,000 fún olówó ẹja, 6,000 ló kù sí i lọ́wọ́. Ká ní owó ọwọ́ ló fi rà á ni, èrè rẹ̀ ìbá jẹ́ 10,000. Nínú 10,000 náírà èrè tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, àwìn gba 4,000. Bí páálí bá jẹ́ méjì, 8,000 nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún, tí ó jẹ́ 48,000 lóṣù.

Ibi tí mo ti rò pé mo rí ẹ̀rí fún ọ̀rọ̀ wa nìyẹn: mo ní, tí ó bá mọ owó tọ́jú ni, ṣé kò ní fi 120,000 náírà pamọ́, kó fi ra páálí méjì, kó bọ́ lọ́wọ́ àwìn? Ṣùgbọ́n ìwé kan náà fi hàn pé ó ń fowó pamọ́. Ẹgbẹ̀rún náírà ni alájọ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ mọ bí àjọ ṣe rí: alájọ máa ń mú dídá ọjọ́ kan lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Tí ó bá dá 30,000 lóṣù, 29,000 ni tirẹ̀, ó sì ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ alájọ títí ọdún á fi yí po. 348,000 náírà ni lápapọ̀. Ìdá tó ń fi pamọ́ nínú èrè rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ olówó oṣù tí mo mọ̀ lọ.

Kí wá ló dé tí owó yìí kò fi ra ẹja? Owó ilé ni. Yàrá kan tí wọ́n ń gbé jẹ́ 240,000 náírà lọ́dún, lańlọ́ọ̀dù sì ń gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, kò gba onílé láyè láti bi ayálégbé tuntun ju owó ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n ọdún kan yẹn náà, òkè ni fún ẹni tí owó ń wọlé fún ní ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ̀rún. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó ilé, ilé-ìwé àwọn ìbejì ló ń gbé e.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tí mo rò pé ó gbọ́n. Mo ní, ní oṣù karùn-ún, 145,000 ti wà lọ́wọ́ alájọ. Kí ló dé tí ẹ ò yá a lò fún ẹja, kí ẹ máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ kí owó ilé tó pé? Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí, tí ẹja yẹn bá jó, owó ilé ló jó yẹn. Olówó ẹja á bú mi, á sì tún fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lańlọ́ọ̀dù á kó ẹrù mi síta.”

Àńtí mi, ìdáhùn yẹn ló yí èrò mi padà. Obìnrin yìí ti ṣe ìṣirò tí èmi kò ṣe. Ó mọ̀ pé àwìn wọ́n. Ṣùgbọ́n olówó ẹja lè fara da àdánù ọ̀sẹ̀ kan, lańlọ́ọ̀dù kò ní fara dà á. Nítorí náà, ó ń san 48,000 lóṣù kí owó ilé tó jẹ́ 20,000 lóṣù má baà sí nínú ewu. Bí ó bá jẹ́ pé oṣooṣù ló ń sanwó ilé, ewu náà kò ní ju owó oṣù kan lọ. Owó ńlá tí ìlú ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà ló sọ ọ́ di ẹni tó ń ra ọjà rẹ̀ ní ọ̀wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ààrò rẹ̀ náà tọ ọ̀nà kan náà. Mo bi í ìdí tí kò fi mọ ààrò alámọ̀ tó ní ògiri, èyí tí kì í jẹ igi tó àgbá. Ó rán mi létí oṣù Keje 2012, nígbà tí ìjọba fún àwọn ará Makoko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó kúrò lórí omi, kí wọ́n tó wá wó ọ̀pọ̀ ilé. Orí ilẹ̀ ni òun ń gbé, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè kọ́ ohun tí òun kò lè gbé sá.

N kò sọ pé ìdílé kan lè dúró fún gbogbo Èkó. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ kan ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń yá wọn lówó láìgba èlé, ìṣirò tiwọn sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ìlà òṣì kò lè fi hàn wá. Iye tí ènìyàn ná ní ọdún kan ló ń wọ̀n. Kò sọ bóyá owó náà wọlé ní ẹyọ ẹyọ tàbí lẹ́ẹ̀kan, kò sì sọ iye tí ènìyàn pàdánù kí ó tó rí owó náà ná. Ìyá Ìbejì lè ná iye tó kọjá ìlà náà, kí ó sì jẹ́ pé ẹja jíjó ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí wọ́n lé e jáde nílé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí, torí pé ẹ̀yin lẹ wà nídìí owó yíyá. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìbéèrè yín kúrò ní iye tó ń wọlé lóṣù nìkan. Ẹ máa bi oníbàárà yín pé: ọjọ́ wo lowó máa ń wọlé, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bi yín ní owó ńlá, iye wo lẹ sì ń rà á láwìn, iye wo ni ti owó ọwọ́? Ká ní ẹ yá Ìyá Ìbejì ní 120,000 náírà, kó máa fi 8,000 tí àwìn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ san án ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò san tí owó náà á fi pé. Ọjọ́ 75 nìyẹn, yàtọ̀ sí èlé tiyín. Lẹ́yìn náà, páálí méjì ti di tirẹ̀. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ó lè fo sísan ẹ̀ẹ̀kan tàbí méjì bí ẹja bá jó, torí láìsí ìyẹn, kò ní gbà á lọ́wọ́ yín, òun náà kò sì ní jẹ̀bi.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.