Ìwé Adójútòfò Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Èrò

Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ń díwọ̀n ewu rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè l'Ékòó máa ń wà lójú títì láràárọ̀ títí dalẹ́. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ àdáni sábà máa ń yọ gbígbé èrò fún owó sílẹ̀.

Ká ní awakọ̀ kan kọ "àdáni" sínú fọ́ọ̀mù, tó wá kọlu ọkọ̀ mìíràn nígbà tó gbé èrò. Àkọsílẹ̀ ìrìn àjò náà yóò tú àṣírí. Bí àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 800,000 náírà, ilé-iṣẹ́ lè kọ̀ láti san án, kó sì fagi lé àdéhùn. Bí iṣẹ́ ọkọ̀ bá yí padà, kí awakọ̀ tètè sọ fún wọn.