WhatsApp kan, orúkọ mẹ́rin: bí a ṣe ń kọ àmì UTM kí àbọ̀ ìpolówó lè ṣeé kà

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìkànnì tó fi ń tajà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà l'Ékòó, wọ́n sì wà ní London. Nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ìyá fúnra rẹ̀ gbé líǹkì ọjà sórí Status WhatsApp, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tó wà, ọmọṣẹ́ wọn sì gbé e sórí Instagram. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ṣí Google Analytics. Instagram ló wà lókè pátápátá pẹ̀lú àbẹ̀wò 260. Lábẹ́ rẹ̀ ni `WhatsApp` wà pẹ̀lú 214, `whatsapp` pẹ̀lú 187, `watsap` pẹ̀lú 96, àti `Whatsapp` pẹ̀lú 41. Ìyá wo ìlà tó wà lókè, ó ní kí wọ́n kó gbogbo owó ìpolówó tó kù sórí Instagram. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ro ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ yẹn pọ̀ á rí 538, èyí tó ju ìlọ́po méjì ti Instagram lọ.

Ẹ̀rọ ò ṣìṣe o. Ohun tí wọ́n kọ sí ìdí líǹkì ló kà fún wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ ìdí líǹkì yìí ni wọ́n ń pè ní àmì UTM. Lẹ́tà U inú rẹ̀ wá láti orúkọ Urchin, ilé-iṣẹ́ kan ní San Diego tí Google rà lọ́dún 2005, tó sì sọ ohun èlò rẹ̀ di Google Analytics. Ìwúlò àmì náà ò ju pé kí àlejò tó dé ìkànnì wa lè sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó bá tẹ líǹkì láti inú WhatsApp sábà máa ń wọlé láìsí ohunkóhun tó fi ibi tó ti wá hàn, ẹ̀rọ á sì kó o sínú ìlà `(direct) / (none)`, níbi tí kò ti ní yàtọ̀ sí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì wa. Tí àmì bá wà lára líǹkì, ohun tí àmì bá sọ ni ẹ̀rọ á gbà.

Báyìí ni líǹkì ilé ìtajà yẹn ìbá ṣe rí ká ní wọ́n kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́:

```
https://example.com/adire?utm_source=whatsapp&utm_medium=social&utm_campaign=2026-05-ileya&utm_content=status
```

`utm_source` ń sọ ibi tí àlejò ti wá. `utm_medium` ń sọ irú ọ̀nà tó gbà wá. `utm_campaign` ń sọ ìpolówó tó mú un wá. `utm_content` ni a fi ń ya líǹkì tí ìyá gbé sórí Status sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọmọ rẹ̀ fi sínú ẹgbẹ́. Tọ̀hún á jẹ́ `egbe`. Àwọn méjèèjì á wà lábẹ́ `whatsapp` kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ èyí tó ń mú ènìyàn wá jù lè ṣí i wò.

Lójú Google Analytics, lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí WhatsApp fi di mẹ́ta, `watsap` tí wọ́n ṣì kọ ló sì sọ ọ́ di mẹ́rin. Lẹ́tà kékeré nìkan ni kí gbogbo yín máa lò. Ẹ má sì fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀, torí àlàfo máa ń di `%20` tàbí `+` nínú àdírẹ́sì. Dáàṣì ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá gan-an, n kì í sì í rí i nínú ìlànà táwọn ènìyàn ń kọ kiri. Ó wu ẹni kó kọ `aṣọ` dáadáa pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú ṣ: ó lè tọ́jú rẹ̀ bí odidi lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì rẹ̀, ó sì lè kọ s kó wá fi àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́tọ̀. Kíbọ́ọ̀dù fóònù kan ń lo tàkọ́kọ́, òmíràn ń lo ìkejì. Nínú àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà á wá rí báyìí:

```
a%E1%B9%A3%E1%BB%8D
as%CC%A3o%CC%A3
```

Nínú àbọ̀, ìlà méjì ló máa jáde, `aṣọ` àti `aṣọ`, ojú ènìyàn kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n `aso` ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe tọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó fúnra rẹ̀, níbi tí oníbàárà ti máa kà á.

Ibi tí mo ti rí i táwọn ènìyàn ń bà jẹ́ jù ni `utm_medium`. Ní `utm_campaign`, ẹ lómìnira láti sọ orúkọ tó bá wù yín, bí ẹ bá ṣáà ti fẹnu kò. Ní `utm_medium`, Google ti ní òfin tirẹ̀ tó fi ń kó àwọn àlejò sí ìsọ̀rí. Tí ẹ bá kọ `email`, ó mọ̀ pé Email ni. Tí ẹ bá kọ `social`, ó di Organic Social. Tí orísun bá jẹ́ `instagram` tí ọ̀nà sì jẹ́ `cpc`, ó mọ̀ pé ìpolówó olówó ni, á sì kó o sí Paid Social. Ká ní ọmọṣẹ́ yẹn fi orúkọ ara rẹ̀ sí orísun, tó sì kọ `status` sí ọ̀nà, òfin kankan ò ní bá a mu, gbogbo àbẹ̀wò tó bá mú wá á sì wọ ìsọ̀rí Unassigned.

Ní ti `utm_campaign`, ọdún àti oṣù ni kó ṣáájú. Ọdọọdún ni Iléyá ń dé, oṣù tó sì ń bọ́ sí a máa yí. `ileya` lásán á da tọdún yìí pọ̀ mọ́ ti èṣí tí ẹ bá ń wo ọdún méjì pọ̀, àmọ́ `2026-05-ileya` á dá dúró, àwọn ìpolówó á sì tò tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe wáyé.

Kí ẹnu lè kò lóòótọ́, ilé ìtajà yẹn nílò àtẹ kan ní Google Sheets, tí orúkọ tí wọ́n gbà wà nínú rẹ̀: `whatsapp`, `instagram`, `facebook`, àti ọ̀nà bíi mẹ́rin. Kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe líǹkì láti ibẹ̀, kí àwọn yòókù máa ṣe àdàkọ rẹ̀. Tí àtẹ bá wà tí kálukú ṣì ń fọwọ́ tẹ líǹkì tirẹ̀, `watsap` á tún yọjú. Kí wọ́n tó gbé líǹkì jáde, kí wọ́n fi fóònù ara wọn tẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì rí i pé àmì náà ṣì wà lókè nígbà tí ojú ìwé ṣí tán, torí àwọn líǹkì kan tó ń gba ibòmíràn kọjá máa ń já àmì sọ nù lọ́nà. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi àmì UTM sára líǹkì inú ìkànnì tiwọn láé: àlejò tó ti WhatsApp wá lè tẹ bánà inú ìkànnì, kí àbọ̀ wá ka ọjà tó bá rà sí ti bánà dípò WhatsApp.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n ṣí Traffic acquisition, kí wọ́n yan Session source / medium, kí wọ́n wá àwọn ìlà tí kò sí nínú àtẹ. Ohun tó ti wọlé ti wọlé, Google Analytics kì í tún un kọ. Wọ́n lè gbé àbọ̀ àtẹ̀yìnwá sínú àtẹ, kí wọ́n ro mẹ́rin yẹn pọ̀ fúnra wọn. Ìlà `watsap` á ṣì máa gba àbẹ̀wò díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà kan, torí líǹkì àtijọ́ ṣì wà nínú fóònù àwọn oníbàárà, wọ́n á sì kàn máa rò ó mọ́ `whatsapp`.