Ohun Tí Lọ́yà Rò Pé Òun Ti Pa Rẹ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ SCO Group pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ DaimlerChrysler lẹ́jọ́ ní kóòtù Oakland County, ní ìpínlẹ̀ Míṣígàn. Ọ̀rọ̀ Unix ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tí SCO ní òun ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Wọ́n ní DaimlerChrysler kò tẹ̀lé àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ kó tó máa lò ó. Bí èèyàn bá ka ìwé ìpẹ̀jọ́ yìí lórí bébà, kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì Word tí wọ́n fi kọ ọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníròyìn CNET. Bí wọ́n ṣe ní kí Word fi àwọn àtúnṣe tó wà nínú rẹ̀ hàn, orúkọ olùjẹ́jọ́ mìíràn yọjú: Bank of America.

Fáìlì náà fi hàn pé orúkọ bánkì yìí ló wà nínú ìwé náà títí di agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún náà, kí ẹnì kan tó pa á rẹ́, tó sì fi DaimlerChrysler rọ́pò rẹ̀. Kóòtù pàápàá ti yí padà. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Kalifọ́níà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Àkíyèsí tí àwọn agbẹjọ́rò kọ síra wọn tún wà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ń béèrè bóyá bánkì náà wà lára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí SCO ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí. Bánkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè lẹ́jọ́ wá mọ̀ lójú ìwé ìròyìn pé wọ́n ti fẹ́ pe òun. DaimlerChrysler náà mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fojú sùn. Lójú tèmi, kò yẹ kí oníbàárà kankan sanwó fún lọ́yà kí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sì ti ọwọ́ lọ́yà náà tú.

Báwo ni ọ̀rọ̀ tí a ti pa rẹ́ ṣe ń wà síbẹ̀? Bí a bá tan Track Changes nínú Word, kò ní pa ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú ìwé tẹ́lẹ̀ rẹ́ mọ́. Yóò kàn sàmì sí ọ̀rọ̀ náà pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́, yóò kọ orúkọ ẹni tó yọ ọ́ àti àkókò tó yọ ọ́ sí i, yóò sì fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹ jẹ́ ká ní lọ́yà kan ní Ìbàdàn ń kọ àdéhùn ilé títà. Ẹni tó ni ilé ti sọ fún un pé bí òun bá rí mílíọ̀nù márùndínláàádọ́ta náírà, òun á gbà. Lọ́yà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó tan Track Changes, ó rò ó pé ká kọ́kọ́ béèrè ọgọ́ta mílíọ̀nù, ó sì yí i padà. Ohun tó wà nínú fáìlì náà nìyí:

```
<w:del w:id="7" w:author="Ade" w:date="2025-03-04T09:12:00Z">
  <w:r><w:delText>45,000,000</w:delText></w:r>
</w:del>
<w:ins w:id="8" w:author="Ade" w:date="2025-03-04T09:12:00Z">
  <w:r><w:t>60,000,000</w:t></w:r>
</w:ins>
```

Iye méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò ní láti jẹ́ ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà kó tó rí i. Kó tẹ Review, kó mú All Markup, iye àkọ́kọ́ á jáde pẹ̀lú ìlà tí wọ́n fà la àárín rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó máa mú un san ọgọ́ta mílíọ̀nù.

No Markup ni ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà jù. Bí wọ́n bá ti mú un, gbogbo àwọ̀ pupa àti ìlà tó wà lórí ìwé á pòórá, ìwé á mọ́ tónítóní, wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ojú ìwé tí a ń wò nìkan ni No Markup yí padà. Kò fọwọ́ kan fáìlì. Bí a bá pa Track Changes náà, àtúnṣe tó máa wáyé lẹ́yìn ìgbà yẹn nìkan ni kò ní kọ sílẹ̀. Ti àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀ digbí.

Yàtọ̀ sí àtúnṣe àti àkíyèsí, fáìlì tún ń gbé ìsọfúnni nípa ara rẹ̀ kiri: orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i, ẹni tó fi pamọ́ kẹ́yìn, àti àkọlé tí wọ́n fún un. Ibẹ̀ ni àṣà kan tó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì lọ́yà ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n á ṣí àdéhùn oníbàárà àtijọ́, wọ́n á yí orúkọ àti iye owó padà, wọ́n á sì fi ṣe ti oníbàárà tuntun. Nínú ìwé, orúkọ ti àtijọ́ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ File, tí ẹ tẹ Info, orúkọ rẹ̀ lè ṣì wà nínú Title.

Láti fọ fáìlì mọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ti ọ́fíìsì yín wà lọ́tọ̀. Ẹ mú All Markup, kí ẹ yẹ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ tẹ Accept sí èyí tí ẹ fọwọ́ sí àti Reject sí èyí tí ẹ kò fẹ́. Ẹ pa gbogbo àkíyèsí rẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ sí File, Info, Check for Issues, kí ẹ tẹ Inspect Document, kó lè mú orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó fara pamọ́ kúrò. Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn fún Inspect Document o. Bí ẹ bá ní kó yọ àtúnṣe kúrò, ńṣe ló máa gba gbogbo wọn wọlé, títí kan gbólóhùn tí ọ̀gá yín ti ní òun kò fẹ́.

Ìṣòro kan wá ṣẹ́ kù: ẹgbẹ́ kejì sábà máa ń fẹ́ rí ohun tí ẹ yí padà nínú àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹ fi Compare tó wà lábẹ́ Review ṣe é. Ẹ gbé ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ẹ̀dà yín tó ti mọ́ síwájú rẹ̀. Yóò fi ìyàtọ̀ àárín méjèèjì hàn, kò sì ní fi ọ̀nà tí ẹ gbà débẹ̀ hàn. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di PDF, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kí ẹ tó sọ ọ́ dà, torí pé Word lè tẹ àkíyèsí ẹ̀gbẹ́ ìwé mọ́ PDF náà.

Àwọn kan á ní lọ́yà kejì kò yẹ kó máa tú fáìlì ẹlòmíràn wò. Ẹnu àwọn agbẹjọ́rò fúnra wọn kò kò lórí ìyẹn. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì sọ nínú ìmọ̀ràn 749 pé kò bójú mu. Ní 2006, ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò gbogbo Amẹ́ríkà sọ nínú ìmọ̀ràn 06-442 pé òfin ìwà àwọn kò kà á léèwọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àdéhùn ránṣẹ́, ẹ má fi àṣírí oníbàárà yín sí ìkáwọ́ ọmọlúàbí ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so fáìlì mọ́ ímeèlì, ẹ ṣí èyí tí ẹ so mọ́ ọn gan-an, kí ẹ tẹ All Markup, kí ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi ránṣẹ́.