Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, Èkó sí Ìbàdàn
Bébà tí a tẹ̀. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021.

Ibùdókọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú irin yìí wọ èbúté Àpápá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n là á débẹ̀ fún. Ará Ajégúnlẹ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn yóò dé ibùdó Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́tà kó tó rí ọkọ̀ wọ̀.

Kóòṣì àti ìjókòó kò ṣeé yà sọ́tọ̀, nítorí pé nọ́ńbà ìjókòó kan náà wà nínú ju kóòṣì kan lọ. Ká ní kóòṣì 3, ìjókòó 24 ni wọ́n kọ. Ẹni tó di 24 nìkan mú lè lọ jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú kóòṣì 2, títí ẹni tó ni ìjókòó yóò fi dé, tí ariwo á sì sọ. Kíláàsì ló ń sọ irú kóòṣì tí owó yín ká: fọ́ọ̀sì, bísínẹ́ẹ̀sì tàbí ìkọ́nọ́mì.

Ọjọ́ ìrìn àti aago tí ọkọ̀ yóò ṣí jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọkọ̀ ẹyọ kan yẹn ni tíkẹ́ẹ̀tì wà fún. Bí ẹ bá rí déètì kejì, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ sanwó. Ẹ má fi ìyẹn rìn.

Yàtọ̀ sí bébà yìí, tíkẹ́ẹ̀tì páálí kékeré tó nípọn, tí ọ̀pọ̀ rélùwéè ayé ń lò látijọ́, kì í sábà ní nọ́ńbà ìjókòó. Ẹ̀rọ ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń tà á ló ń tẹ déètì sí i lára. Ẹni tó bá yára ló ń jókòó.