Tipa Kún, Yanrìn Kò Pé

Bí tipa bá já yanrìn sílẹ̀ níwájú ilé tí à ń kọ́, ohun tí onílé máa ń bi awakọ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá pé níbẹ̀?" Awakọ̀ á ní ó pé, nítorí pé ó kún dé ibi tí wọ́n máa ń kún un dé. Kò parọ́. Síbẹ̀, yanrìn tó wà nílẹ̀ yẹn lè má ju tọ́ọ̀nù mẹ́jọ lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì jí páànù kan nínú rẹ̀. Omi ló fa ìyàtọ̀ náà.

Yanrìn odò tó gbẹ dáadáa, tí a kàn dà sílẹ̀ tí a kò gún mọ́lẹ̀, máa ń wọn nǹkan bíi kìló 1,600 ní kúbíìkì mítà kan, ìyẹn nínú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣírò. Wọ́n á pín tọ́ọ̀nù 10 sí ọ̀nà 1.6, wọ́n á rí kúbíìkì mítà 6.25, wọ́n á sì bu yanrìn sínú ọkọ̀ títí yóò fi dé ibẹ̀. Ìṣírò náà dára bí yanrìn bá gbẹ. Ṣùgbọ́n yanrìn tí wọ́n ń wà nínú odò tàbí nínú ọ̀sà ní Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ, èyí tó sì ti sùn níta lásìkò òjò kò lè gbẹ rárá.

Gbogbo wa la mọ̀ pé gàrí máa ń wú bí omi bá kàn án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni yanrìn ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Hóró gàrí ń mu omi, ara rẹ̀ ló ń tóbi sí i. Hóró yanrìn kì í tóbi, òkúta ni. Omi díẹ̀ tó bá kàn án á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, níbi tí hóró méjì bá sì ti fara kanra, omi yẹn á fà wọ́n mọ́ra. Ìfàmọ́ra yìí kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lára ara wọn kí wọ́n sì jábọ́ sínú àlàfo tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n á ṣe há síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gba àyè láàárín wọn. Òkìtì á ga, yanrìn inú rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i.

Kò gba omi púpọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Bí omi bá ti tó nǹkan bíi kìló 5 sí kìló 100 yanrìn gbígbẹ, yanrìn tí hóró rẹ̀ kò kéré jù tí kò sì tóbi jù lè gba àyè tó fi ìdá mẹ́rin, ìyẹn 25 nínú 100, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó kúnná máa ń wú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé bí hóró bá ti kéré tó ni ara tí omi lè lẹ̀ mọ́ ń pọ̀ tó. Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé bí omi bá wá pọ̀ gidi tó kún gbogbo ihò àárín hóró, agbára tó há wọn mọ́ra á tán, wọ́n á sì rì padà sí ibi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbẹ. Yanrìn gbígbẹ àti yanrìn tó wà lábẹ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè kan náà. Èyí tó tutù díẹ̀ níkan ló ń tan ojú jẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tipa yẹn. Kúbíìkì mítà 6.25 ló kó, omi inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, wíwú rẹ̀ sì jẹ́ 25 nínú 100. Bí a bá pín 6.25 sí ọ̀nà 1.25, yóò ku 5. Yanrìn gbígbẹ kúbíìkì mítà 5 ló wà níbẹ̀, tọ́ọ̀nù 8 nìyẹn. Bí a bá fi omi rẹ̀ kún un, ọkọ̀ náà gbé tọ́ọ̀nù 8.4. Kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan tó yẹ kó wọn kìló 1,600 ti di nǹkan bíi 1,344, bẹ́ẹ̀ omi la fi kún un! Onílé tó sanwó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ti fi ìdá márùn-ún owó rẹ̀ ra afẹ́fẹ́.

Àwọn kan á ní kí a kúkú máa gbé ọkọ̀ gorí òṣùwọ̀n. Ó dára ju fífojú wọ̀n lọ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ni àdánù náà máa gbà wá. Òṣùwọ̀n kò mọ omi yàtọ̀ sí yanrìn. Tọ́ọ̀nù 10 tí omi rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100 ní yanrìn gbígbẹ tọ́ọ̀nù 9.52 nínú. Bí omi bá di 10 nínú 100, yanrìn á kù sí 9.09. Nítorí náà, ẹni tó ń ra yanrìn tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n rà á. Kó jẹ́ kí omi ro kúrò kọ́kọ́.

Ẹnikẹ́ni lè yẹ wíwú yanrìn wò fúnra rẹ̀. Ẹ wá ike tí ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ rọra da yanrìn sí i dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ẹ má gún un. Ẹ tẹ́ ojú rẹ̀, ẹ sì wọn bó ṣe jìn tó. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 20 ni. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ bu omi sí ike náà dé ìdajì, ẹ wá máa da yanrìn náà padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi ọ̀pá irin rò ó kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bí ó bá rì, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ti di 16, sẹ̀ǹtímítà 4 ló lọ, 4 nínú 16 sì ni 25 nínú 100. Ẹni tó bá fẹ́ mọ omi inú rẹ̀ lè wọn kìló kan yanrìn tútù, kó yan án nínú páànù lórí iná títí yóò fi gbẹ, kó sì tún un wọ̀n. Bó bá ku gíráàmù 952, omi 48 ló lọ, ìyẹn 5 nínú 100 yanrìn gbígbẹ.

Iye méjèèjì yìí wúlò fún bíríkìlà pẹ̀lú. Ẹni tó ń po kọnkéré ní símẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin nílò yanrìn gbígbẹ lítà 70 sí àpò símẹ́ńtì kan. Bí yanrìn bá rí bíi ti tipa wa yìí, lítà 87.5 ni kó bù, kó sì yọ omi bíi lítà 5 ààbọ̀ kúrò nínú èyí tó fẹ́ fi pò ó, torí pé ó ti wà nínú yanrìn. Bó bá bu 70, òkúta á pọ̀ ju yanrìn lọ, kọnkéré á sì ní ihò nínú.

Òkúta gíráńáìtì kò ní wàhálà yìí. Hóró rẹ̀ wúwo ju ohun tí omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè há mọ́ra lọ, nítorí náà kì í wú. Omi tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kì í sábà ju 1 tàbí 2 nínú 100 lọ, ìyẹn kìló 100 sí 200 nínú tọ́ọ̀nù 10. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n rà á láìbẹ̀rù púpọ̀. Àmọ́ bí ẹrù yẹn bá jẹ́ eruku òkúta tí wọ́n ń gbọ̀n kúrò lára gíráńáìtì, ìwà yanrìn ló ń hù, ike àti omi ló sì yẹ kí ẹ fi yẹ ẹ́ wò kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín.